Ọpẹ́ àti Ẹ̀bẹ̀ Lẹ́ẹ̀kan Náà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni tí Ìsoríkọ́ Mú Fà Sẹ́yìn Lọ́dọ̀ Ẹnì Kejì Rẹ̀

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìsoríkọ́ dá mi dúbúlẹ̀ fún oṣù méje gbáko, mo sì fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ ìyàwó mi débi pé a wà nínú ilé kan náà bí àlejò méjì. Kò kọ̀ mí sílẹ̀. Nígbà tí ara mi wá ń yá, mo rí i pé gbèsè méjì ni mo jẹ ẹ́, gbèsè ọpẹ́ àti gbèsè ẹ̀bẹ̀, n kò sì mọ bí mo ṣe lè san méjèèjì pọ̀ kí ọ̀kan má pa èkejì lára. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú rẹ̀, mo bà á jẹ́. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí máa ń bi mí láti ìgbà náà. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nínú ilé tèmi àti lẹ́nu dókítà tó tọ́jú mi ni mo ṣe dá wọn lóhùn.

Àìsàn ni ìsoríkọ́. Ṣé ènìyàn ń tọrọ àforíjì nítorí pé ó ṣàìsàn ni?

Rárá. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí pé ibà mú un, ìsoríkọ́ náà kò sì yàtọ̀. Bí dókítà bá ń wádìí rẹ̀, ohun tó ń wò ni bóyá ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, tí ọkàn ẹni ti wúwo tàbí tí ohun tó ń dùn mọ́ ni tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ni mọ́, pẹ̀lú àwọn àmì mìíràn bí àìrí oorun sùn tàbí àsùnjù, àìlè jẹun, àárẹ̀ tí ìsinmi kì í tán, àti ìrònú pé ẹni kò wúlò. Fífà sẹ́yìn lọ́dọ̀ ènìyàn wà lára ohun tí àìsàn yìí máa ń fà. Ẹni tí kò ní agbára láti wẹ̀, níbo ni yóò ti rí agbára tí yóò fi dá ènìyàn lóhùn?

Síbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kejì rẹ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Bí òòyì bá kọ́ ènìyàn tó sì ṣubú lu ọmọ ẹlòmíràn, kò mọ̀ọ́mọ̀, ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá ti là, yóò kí ọmọ náà pẹ̀lẹ́, yóò sì wo ibi tó ti fara pa. Mo pín tèmi sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni ohun tí àìsàn gbà lọ́wọ́ ìyàwó mi, ìyẹn ẹni tí wọ́n jọ máa ń sọ̀rọ̀ lálẹ́, tí wọ́n sì jọ ń gbé ẹrù ilé. Fún ìyẹn, ọ̀rọ̀ tó yẹ ni pé ó dùn mí pé ó kàn án, kì í ṣe pé mo jẹ̀bi. Èkejì ni ohun tí mo ṣe nígbà tí mo ṣì lè yàn láti ṣe òmíràn. Mo gbé ìwé tí dókítà àkọ́kọ́ fi darí mi sí ilé ìwòsàn ńlá pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀, n kò pe ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ fóònù wà lọ́wọ́ mi láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Fún ìwọ̀nyí, mo jẹ̀bi. Bí o bá da méjèèjì pọ̀, o ó máa bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ, o ó sì fo èyí tó yẹ kí o dúró lé lórí.

Kí ló dé tí a ó fi ṣe ọpẹ́ àti ẹ̀bẹ̀ pọ̀? Ṣé ọ̀kan kò tó ni?

Nítorí pé ohun kan náà ló sábà máa ń bí méjèèjì. Ìyàwó mi máa ń gbé abọ́ oúnjẹ sórí àpótí kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá, yóò fi abọ́ mìíràn dé e, yóò kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, bó ṣe gbé e kalẹ̀ ni yóò padà wá bá a, tí ọbẹ̀ ti dì, tí ẹ̀bà ti le gbagidi. Yóò gbé e lọ, yóò sì gbé òmíràn wá lálẹ́. Bí mo bá dúpẹ́ fún oúnjẹ náà nìkan, ó dà bí ẹni pé gbígbé e wá kò ná an ní nǹkan kan. Bí mo bá sì bẹ̀bẹ̀ nìkan fún abọ́ tí n kò ṣí, mo sọ ọ́ di ẹni tí a kàn ṣẹ̀, mo sì pa iṣẹ́ tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe rẹ́. Abọ́ kan ṣoṣo ni, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ méjì.

Mo pè é ní iṣẹ́, n kò sì sọ àsọdùn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, ó ṣètò pé kí aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí ẹbí rẹ̀ kan sì bá a wá, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ìtọ́jú gan-an ni wọ́n ka wíwà níbẹ̀ ẹbí yẹn sí. Nítorí náà, ẹni tó dúró tì ọ́ kò kàn ní sùúrù, ó wà lára àwọn tó wò ọ́ sàn, bó ṣe yẹ kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì nìyẹn.

Ìgbà wo ló yẹ kí n ṣe é?

Ibi tí mo ti ba tèmi jẹ́ nìyí. Mo ti ń lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní òru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago méjì, mo jí ìyàwó mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀, mo sì ń sunkún pé èmi ni mo ba ayé rẹ̀ jẹ́, pé ì bá sàn kó ti fẹ́ ẹlòmíràn. Ó gbé mi dìde, ó sì ń rẹ̀ mí lẹ́kún títí ilẹ̀ fi mọ́. Aago méje ló yẹ kó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí mo rò pé mo bẹ̀ ẹ́ ti di ẹrù mìíràn tí mo gbé rù ú.

Dókítà là á yé mi lẹ́yìn náà. Ó ní dídá ara ẹni lẹ́bi ju bó ti yẹ lọ wà lára àwọn àmì ìsoríkọ́ fúnra rẹ̀, àti pé ẹni tó ṣì wà nínú rẹ̀ lè máa bẹ̀bẹ̀ lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ náà tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ọ̀nà kan wà láti fi dá a mọ̀. Bi ara rẹ léèrè ohun tí o fẹ́ gbọ́ lẹ́yìn tí o bá sọ̀rọ̀ tán. Bó bá jẹ́ pé kí ó sọ pé o kì í ṣe ènìyàn burúkú ni o ń retí, ìtùnú lo ń wá, ẹ̀bẹ̀ náà kò ì tíì pọ́n. Bó bá jẹ́ pé o lè jókòó kí o gbọ́ bó ṣe dùn ún tó, láìsá, láìdá a lẹ́nu, láìṣubú lulẹ̀, àkókò ti tó. Oògùn ìsoríkọ́ sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí rí ìyàtọ̀, ó sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ara tó balẹ̀. Nǹkan bí oṣù méjì àbọ̀ lẹ́yìn òru yẹn ni mo tún tèmi ṣe.

Èyí kò ní kí o má dúpẹ́ oúnjẹ òní lónìí o. "O ṣé" kékeré kò nílò kí ara kọ́kọ́ yá. Ọ̀rọ̀ ńlá nìkan ló ń dúró.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbí fún ẹni tó ń tọ́jú. Bí ẹni tí ìsoríkọ́ ṣì mú gan-an bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí dúpẹ́, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun gbogbo, tó ń há ẹrù rẹ̀ fún ènìyàn tàbí tó ń ṣètò nǹkan bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò, má ṣe rò pé ara rẹ̀ ti yá. Bi í ní tààràtà bóyá ó ń ronú àtipa ara rẹ̀, nítorí bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn. Má fi òun nìkan sílẹ̀, kó àwọn oògùn tó wà nílé kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

N kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Báwo ni mo ṣe lè dúpẹ́ fún ohun tí n kò rántí?

Àìrántí wà lára rẹ̀. Ẹni tí ìsoríkọ́ ti mú máa ń rántí pé "gbogbo nǹkan burú", ṣùgbọ́n kì í lè sọ ọjọ́ báyìí àti ohun báyìí. Ọpẹ́ tí a kó pọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì wọni lára. Bí o bá wí fún ènìyàn pé o dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀, yóò máa rò ó bóyá o rí ìkankan nínú rẹ̀.

Mo ra ìwé ẹlẹ́wé ogójì kan, mo sì ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Mo wo fóònù mi fún àwọn ìpè tí n kò gbé àti àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí n kò dá lóhùn. Mo wo rìsíìtì owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wa àti káàdì ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ ọjọ́ sí. Láti ara rìsíìtì yẹn ni mo ti rí i pé wọ́n ti san owó sáà kejì, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé owó oṣù mi kò dé ilé nígbà náà. Mo béèrè lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó mi, òun ló sì sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun ti ta ẹ̀gbà ọrùn góòlù tí ìyá wọn fún un nígbà ìgbéyàwó wa. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń rí ọrùn rẹ̀ lásán tí n kò kíyè sí i.

Má ṣe ní kí ẹnì kejì rẹ wá ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ kí o lè rí ohun kọ. Iṣẹ́ tìrẹ ni. Bí o bá ti bẹ̀bẹ̀ tán ni o lè bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ni ohun tí o kò mọ̀, kí o sì dákẹ́ bó bá ń sọ ọ́.

Kí ni kí n sọ gan-an? Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Mo kọ tèmi sílẹ̀ kí ẹkún má bàa gbà á mọ́ mi lẹ́nu, mo sì kà á fún un ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan nígbà tí ọmọ wa wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Ó gbà mí láàyè láti fi í hàn.

"Ìyá Fọlá, ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọpẹ́ ni ọ̀kan, ẹ̀bẹ̀ ni èkejì. Jọ̀wọ́, jẹ́ kí n kà á tán kí o tó fèsì.

"O kú ìrọ́jú oṣù méje. O ń gbé oúnjẹ wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá lójoojúmọ́, kódà nígbà tí o ti rí i pé n kò jẹ ti àná. O ta ẹ̀gbà ọrùn tí Màmá fún ọ, o fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ Fọlá, o kò sì jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lo bá mi lọ sí ilé ìwòsàn, tí o jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago méje àárọ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń béèrè mi, o bo àṣírí mi. O ṣeun. Àwọn kan wà nínú rẹ̀ tí n kò rí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti rí wọn báyìí.

"Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màmá, n kò wá, n kò sì pè. Ìwọ nìkan lo dúró níta yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo gbé ìwé dókítà pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì jẹ́ kí o máa rò pé ìwọ lo ṣẹ̀ mí. Mo ní kí o máa lọ sílé yín, mo sì sọ ọ́ létí ọmọ. Mo jẹ̀bi àwọn nǹkan wọ̀nyí. Mo bẹ̀ ọ́.

"Àìsàn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ìfẹ́ rẹ kò kúrò lọ́kàn mi, kò sì sí obìnrin mìíràn. Mo mọ̀ pé ìdákẹ́ náà dùn ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

"Bí o bá gbà, mo fẹ́ lọ bẹ Màmá fúnra mi ní Sátidé. Láti oṣù yìí, n ó máa yọ díẹ̀ nínú owó oṣù mi sọ́tọ̀ títí a ó fi ra ẹ̀gbà mìíràn. Kò di dandan kí o dárí jì mí lónìí."

Ẹ ó rí i pé ọpẹ́ ló ṣáájú. Mo gbé e síwájú nítorí pé bí ẹ̀bẹ̀ bá ṣáájú, ọpẹ́ tó bá tẹ̀ lé e máa ń dún bí ohun tí a fi ń tu ni lójú. Ẹ ó tún rí i pé orúkọ nǹkan ló wà nínú rẹ̀, pé "mo jẹ̀bi" dúró láìsí ohun tó gbé e ró lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti pé n kò tọrọ ìdáríjì. Ní ọdún 2016, Roy Lewicki àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Òháíò ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ẹ̀yà mẹ́fà tí ẹ̀bẹ̀ lè ní. Èyí tó wúwo jù lójú àwọn tí wọ́n bi léèrè ni kí ẹlẹ́bẹ̀ gbà pé òun lòun jẹ̀bi, ìpinnu láti tún nǹkan ṣe ló tẹ̀ lé e, èyí tó sì fúyẹ́ jù ni títọrọ ìdáríjì. Ó bá ohun tí mo rí nínú ilé mi mu. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í fẹ́ kí a tún wá béèrè ohun kan lọ́wọ́ òun.

Níbo ni mo ti lè sọ pé àìsàn ló fà á, láìdún bí àwáwí?

Ní ibì kan ṣoṣo, ní gbólóhùn kan tàbí méjì, lẹ́yìn tí o bá ti jẹ́wọ́ tán. Sọ ọ́ nítorí pé ẹnì kejì rẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé kì í ṣe òun lo kórìíra. Má ṣe fi "ṣùgbọ́n" so ó mọ́ ẹ̀bẹ̀. "Mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ara mi kò yá" ti fi apá kejì gba apá kìíní padà. "Ara mi kò yá. Síbẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ mi" ni gbólóhùn tó dúró.

A kò jọ ní nǹkan pọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù púpọ̀. Ṣé ó yẹ kí n mẹ́nu kàn án?

Ó yẹ, kí o sì sọ ọ́ ní kedere, nítorí níbẹ̀ ni ẹnì kejì ti sábà máa ń rò pé a ti rí ẹlòmíràn. Ìsoríkọ́ máa ń pa ìfẹ́ ìbálòpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn tí a fi ń tọ́jú rẹ̀ sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, débi pé ara lè máa yá kí ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà níbi tó wà. Ìyàwó mi kò mọ apá kejì yìí títí mo fi sọ fún un. Ó rò pé bí mo ti ń rẹ́rìn-ín báyìí tí n kò sì fọwọ́ kàn án, òun nìkan ni ara mi kọ̀. Ẹ jọ sọ fún dókítà, nítorí ó lè dín oògùn náà kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Má ṣe dá a dúró fúnra rẹ nítorí ìtìjú. Kò sí ìdí láti bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí ara kò lè ṣe. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé mo kọ ẹ̀yìn sí i láìsọ ìdí rẹ̀.

Ṣé kí n rán àgbà sí i, tàbí kí n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì?

Ẹ̀bẹ̀ àgbà níyì láàárín wa, mo sì mọ ìgbéyàwó tó dúró nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ rẹ ni ohun tó dun ẹnì kejì rẹ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí o bá wá rán ẹlòmíràn láti bá ọ sọ̀rọ̀, o tún ti dákẹ́ nìyẹn. Bó bá ti wà níwájú àgbà, kò tún ní ìdáhùn kankan tó lè sọ ju pé òun ti gbọ́, bẹ́ẹ̀ ó lè máà tíì gbọ́. Kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́.

Ní ti ìdúpẹ́, mo ti rí i tí ọkọ kan gba makirofóònù, tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ olùṣọ́-àgùntàn àti àwọn tó gbàdúrà, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń jó bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àpò ọrẹ lọ́wọ́, tí a kò dárúkọ rẹ̀. Ó dùn mí. Bí o bá fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní gbangba, dárúkọ rẹ̀ kí o sọ ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣírí tó fi oṣù púpọ̀ bò ni o fẹ́ tú yìí, ó sì lè ti sọ fún àwọn ènìyàn kan pé o rìnrìn-àjò ni.

Mo dúpẹ́, mo bẹ̀bẹ̀, ló bá bínú. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o kò ṣe nǹkan kan tí kò dára. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn máa ń gbé ìbínú rẹ̀ mì, nítorí kò fẹ́ kó kó bá aláìsàn náà. Ọjọ́ tó bá rí i pé ẹsẹ̀ rẹ ti ranlẹ̀ ló máa ń tú jáde. Nígbà tí mo ka tèmi tán, ìyàwó mi kò sunkún. Ó ní, "Bàbá Fọlá, ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti kó aṣọ mi sínú báàgì nígbà kan?" Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ fún nǹkan bíi wákàtí kan, àwọn ohun tí n kò kọ sínú ìwé mi rárá. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbọ́. Bí ó bá sọ ohun kan, mo ń tún un sọ kí ó lè mọ̀ pé ó wọ etí mi. N kò sọ pé "mo ti bẹ̀ ọ́ ná".

Bí ó bá pẹ́ tí ìbínú náà kò lọ, tí òun náà kò rí oorun sùn mọ́, tí ohun gbogbo sì sú u, kí òun náà lọ rí dókítà. Ìsoríkọ́ lè mú ẹni tó tọ́jú aláìsàn pẹ̀lú.

Ó dúró tì mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó pè mí ní ọ̀lẹ, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó gún mi. Ṣé kí n fò ó?

Má fò ó, ṣùgbọ́n má ṣe mú un wá sí ọjọ́ ọpẹ́. Bí o bá dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nígbà tí o ń bẹ̀bẹ̀ fún tìrẹ, ìpààrọ̀ ọjà ni ẹ ṣe. Jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí o wá sọ ọ́ lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ lílù tàbí títì ọ́ mọ́lé ni, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kò sì sí ọpẹ́ tí o jẹ ẹ́ tó yẹ kó mú ọ pa á mọ́ra.

Ṣé mo lè ṣèlérí pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́?

O kò lè ṣe é, nítorí pé nǹkan bí ìdajì àwọn tí ìsoríkọ́ ti mú lẹ́ẹ̀kan ló tún máa ń padà wá bá. Ìlérí tí àìsàn lè bà jẹ́ yóò sọ ọ́ di òpùrọ́ lọ́jọ́ kan. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ ni kí o ṣèlérí. Tèmi ni pé n ó máa lo oògùn fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ara mi bá ti yá, gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí, àti pé n kò ní dá a dúró láìbá òun àti dókítà sọ̀rọ̀. A tún jọ kọ àmì mẹ́ta tí òun kọ́kọ́ rí lára mi nígbà yẹn sílẹ̀. Mo ń jí ní aago mẹ́ta òru, mo dẹ́kun gbígbọ́ ìròyìn orí rédíò tí n kì í fi ṣeré, mo sì ń jẹ́ kí àwọn ìwé iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kóra jọ láìmáàkì wọn. Bí méjì nínú wọn bá pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ní ẹ̀tọ́ láti pe dókítà láì gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Bí n kò bá lè sọ̀rọ̀, n ó fi ìwé kékeré kan tí a kọ "kò rọgbọ" sí sórí àpótí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló béèrè fún un, nítorí ó ní ìdákẹ́ láìsí àmì ni òun kò lè fara dà mọ́.

Ẹnì kejì mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi wà ní ilé. Ṣé mo lè kọ ọ́ ránṣẹ́?

Fi ohùn rẹ sọ ọ́, kó jẹ́ lórí ìpè tí ẹ ti dá àkókò fún, nígbà tí kò sí níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, fi èyí tí o kọ ránṣẹ́ kó lè tún un kà. Má ṣe fi ránṣẹ́ ṣáájú, nítorí yóò kà á nínú bọ́ọ̀sì láàárín àlejò.

Ẹ̀ẹ̀mélòó ni kí n dúpẹ́, kí n sì bẹ̀bẹ̀?

Bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan dáadáa fún ohun kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ń tún un bẹ̀ lójoojúmọ́, ó di dandan kó máa tún un dárí jì ọ́ lójoojúmọ́. Ọpẹ́ ní tirẹ̀ kì í pọ̀ jù. Àwa Yorùbá kì í dúpẹ́ oore lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ilẹ̀ yóò mọ́, a ó tún wí pé "ẹ ṣé àná". Mo ṣì ń dúpẹ́ ẹ̀gbà ọrùn yẹn títí di òní.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn?

Má bi í. Wo ohun tó ń ṣe. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó mi, Màmá sì ní kí n dìde kí n wá jẹun, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan títí a fi délé. Ó ṣì ń kan ilẹ̀kùn yàrá lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé, bó ṣe máa ń ṣe nígbà àìsàn, bẹ́ẹ̀ yàrá àwa méjèèjì ni. Ó tó oṣù kan àbọ̀ kí ó tó di ọjọ́ kan tó ti ilẹ̀kùn wọlé láìkàn án, tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn oníbàárà kan tó yọ ọ́ lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀bù fún mi.